Olóòtú Ètò, Ẹ Má Fi Àwàdà Nìkan Sílẹ̀ fún Yorùbá

Níbi ìpàdé àwọn oníṣẹ́ nílùú Ìlọrin, kì í ṣe tuntun mọ́ kí olóòtú ètò máa sọ Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì pọ̀. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Àwa tí à ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá èdè mọ̀ pé kí ènìyàn máa yí láti èdè kan sí èkejì kì í ṣe àmì pé kò gbọ́ èdè. Ohun tí mo ní ẹjọ́ lé lórí ni iṣẹ́ tí a ń pín fún èdè méjèèjì. Ẹ tẹ́tí sílẹ̀ níbi ètò tí ẹ bá tún lọ. Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò fi ka oyè ìwé, ọdún ìrírí àti iṣẹ́ tí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ ti ṣe. Tó bá kan Yorùbá, ẹ̀fẹ̀, ìwúrí àti "ẹ pàtẹ́wọ́" ló máa ń kù. Ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì á rẹ́rìn-ín dáadáa, ṣùgbọ́n kò ní mọ ìdí tí wọ́n fi pe ẹni náà wá.

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo ìpàdé kan ní gbọ̀ngàn kan ní Básíìn níbí. Àwọn ahunṣọ òfì, àwọn òṣìṣẹ́ báńkì àti àwọn olùkọ́ yunifásítì jókòó láti jíròrò lórí owó yíyá fún oníṣẹ́ ọwọ́. Ẹni méjì ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ọ̀kan ni Ọ̀mọ̀wé Lágbájá, tó ń kọ́ni ní ìmọ̀ ètò ọrọ̀ ajé. Èkejì ni Àlájì Tẹ̀mẹ̀dù, ahunṣọ tó ti wà nídìí òfì fún ọgbọ̀n ọdún. Bí a ṣe ń ṣe é, Ọ̀mọ̀wé yóò gba ìṣẹ́jú mẹ́ta ní Gẹ̀ẹ́sì: ibi tó ti kàwé, ìwé tó kọ, ẹgbẹ́ tó wà. Àlájì yóò gba Yorùbá díẹ̀: "Bàbá wa rèé o, bàbá dáadáa, ẹ jọ̀wọ́ ẹ bá wa ki bàbá." Kò sí èébú nínú ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ báńkì tí kò gbọ́ Yorùbá ti gbà pé ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ni onímọ̀, pé èkejì wá fi ọ̀ṣọ́ kún ètò ni. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó mọ iye tí òwú ń jẹ ahunṣọ gan-an ni Àlájì.

Àwọn kan á ní kí a máa túmọ̀ gbolóhùn kọ̀ọ̀kan bó bá ṣe ń jáde. Ìyẹn kò ṣeé ṣe. Bí ìfihàn ẹnì kan bá gba ìṣẹ́jú méjì, ìtumọ̀ sọ ọ́ di mẹ́rin. Fún ẹni mẹ́fà, ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógún ti lọ kí ẹnikẹ́ni tó dé orí ọ̀rọ̀. Ẹni tó gbọ́ èdè méjèèjì yóò sì gbọ́ gbogbo nǹkan lẹ́ẹ̀mejì, ojú rẹ̀ á bọ́ sórí fóònù.

Ohun tí mo rò pé ó tọ́ ni kí olóòtú mú nǹkan mẹ́ta nípa ẹni kọ̀ọ̀kan: iṣẹ́ tó ń ṣe, ẹ̀rí pé ó mọ̀ ọ́n, àti ìdí tó fi fẹ́ sọ̀rọ̀ lónìí. Kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú èdè méjèèjì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan má ju ìṣẹ́jú kan lọ. Wọn kò ní jẹ́ ìtumọ̀ ara wọn, nítorí ohun tí àwọn tó ń gbọ́ ti mọ̀ yàtọ̀ síra. Fún Àlájì, Yorùbá lè lọ báyìí: "Ẹni tó kàn ti ń hun òfì láti ọgbọ̀n ọdún. Ọmọ iṣẹ́ méjìdínlógún ló ti ṣe fúrídọ̀mù lọ́wọ́ wọn. Wọ́n fẹ́ sọ ìdí tí ahunṣọ fi ń jẹ gbèsè òwú kó tó rí oníbàárà." Ní Gẹ̀ẹ́sì, kí olóòtú sọ ohun mẹ́ta yìí kan náà, kó wá ṣàlàyé pé fúrídọ̀mù kì í ṣe àríyá lásán, pé ọ̀gá ló ń jẹ́rìí níbẹ̀ pé ọmọ iṣẹ́ ti mọṣẹ́. Bó bá dárúkọ sányán, àlàárì tàbí ẹtù, kó fi orúkọ sílẹ̀ bó ṣe wà, kó fi gbolóhùn kan sọ irú aṣọ tó jẹ́. Fún Ọ̀mọ̀wé, àkọlé ìwé ìwádìí rẹ̀ kò wúlò ní Yorùbá. Ẹ sọ pé: "Wọ́n ń ṣèwádìí lórí ìdí tí báńkì fi máa ń kọ̀ láti yá oníṣẹ́ ọwọ́ lówó." Gbogbo gbọ̀ngàn ló máa gbọ́ ìyẹn.

Ẹ kíyè sí i pé n kò tíì dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú àpẹẹrẹ méjèèjì. Tí orúkọ bá ti jáde, àwọn ènìyàn á pàtẹ́wọ́, ẹni náà á dìde, èdè kejì á sì rì sínú ariwo. Ẹ jẹ́ kí orúkọ gbẹ̀yìn èdè kejì. Kí ẹ sì máa pààrọ̀ èyí tó ń ṣíwájú, kí ẹnì kan má baà máa gba àjẹkù ní gbogbo ìgbà.

Ibi tí ẹsẹ̀ ti sábà máa ń yọ̀ ni ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ. "Ó" ti Yorùbá kò bìkítà bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, ṣùgbọ́n Yorùbá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni náà tó ẹni tí à ń pè ní "wọ́n". Ti Gẹ̀ẹ́sì yàtọ̀: kò wo ọjọ́ orí, ó fẹ́ mọ̀ bóyá akọ ni tàbí abo. Olóòtú tó bá ń yí lójijì láàárín gbolóhùn lè gbé ẹyọ kan ti Gẹ̀ẹ́sì wọ Yorùbá, kó wá sọ pé "Àlájì ti dé, ó fẹ́ sọ̀rọ̀." Ara gbogbo àgbà tó wà níbẹ̀ á bù máṣọ. Ẹlòmíràn á gbé "wọ́n" wọ Gẹ̀ẹ́sì, àlejò á máa wá ẹnì kejì tó ń bọ̀. Orúkọ "Ọ̀mọ̀wé Lágbájá" kò sì sọ pé obìnrin ni. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí a yí èdè lẹ́yìn tí gbolóhùn bá parí, kí olóòtú sì bi ẹni kọ̀ọ̀kan kí ètò tó bẹ̀rẹ̀ bí wọ́n ṣe fẹ́ kí a pe àwọn.

Kí a má sì torí pé a fẹ́ gbé Yorùbá ga, ká sọ ọ́ di àlọ́. Ẹni tó bá pe ₦450,000 ní "ọ̀kẹ́ méjìlélógún àti ààbọ̀" ṣìrò dáadáa, nítorí ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20,000, ṣùgbọ́n àwọn ahunṣọ gan-an á máa wo ara wọn lójú. "Fọ́ọ̀ họ́ńdírẹ́ẹ̀dì àti fífítì taosan" ni wọ́n ń sọ lọ́jà.

Àwọn kan yóò ní Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló yẹ ìpàdé pàtàkì. Abala 97 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 gan-an gba ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ láyè láti fi èdè mìíràn tí wọ́n ń sọ ní ìpínlẹ̀ náà kún Gẹ̀ẹ́sì, bí ilé bá fọwọ́ sí i. Ìdàkejì náà kò tọ́: Kwara kì í ṣe ti Yorùbá nìkan. Àwọn Núpé wà ní Edu àti Pategi, àwọn Bàrùbá wà ní Baruten àti Kaiama. Yorùbá nìkan yóò ti àwọn náà síta.

Ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ni mo máa ń dúró sí láti mọ̀ bóyá ó ń lọ déédéé. Bí ìlàjì bá rẹ́rìn-ín, tí ìlàjì yòókù bá ń tẹ orí sí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn láti béèrè pé "Kí ni wọ́n sọ?", a ti fi nǹkan du ẹnì kan. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde, tí ẹ̀ ń pe olóòtú fún ètò iléeṣẹ́ yín, ẹ má fi ìtàn ayé àlejò ránṣẹ́ sí i ní Gẹ̀ẹ́sì nìkan ní alẹ́ ọjọ́ ètò ku ọ̀la. Ẹ ní kó ka ti èdè méjèèjì sí yín létí, kí ẹ sì béèrè pé: ṣé ahunṣọ àti ọ̀mọ̀wé gba ìṣẹ́jú kan náà?