Ìtẹ̀ka Nìkan Kọ́ Ni Ìyọ̀ǹda

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa, àti ẹ̀yin tí ẹ ti gboyè jáde ṣáájú wa, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí á sọ ní gbangba. Bí ẹ bá ṣí iṣẹ́ àpilẹ̀kọ oyè tí ó dá lórí orin Ọ̀ṣun, ìyẹ̀rẹ̀ Ifá tàbí Ṣàngó pípè, ẹ ó sábà rí gbólóhùn mẹ́ta kan náà níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣàlàyé ọ̀nà tí ó gbà ṣèwádìí. Àkọ́kọ́ ni pé gbogbo abẹ́nà ìmọ̀ ló yọ̀ǹda. Ìkejì ni pé a ti fi orúkọ wọn pamọ́. Ìkẹta ni pé ọmọ ibẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ náà, nítorí náà kò sí ìṣòro kankan. Èrò tiwa ni pé bí a ṣe ń kọ gbólóhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, wọn kì í sábà jẹ́ òtítọ́. Àwa ni a ń gba oyè níbẹ̀, àwọn olórìṣà ni ọ̀rọ̀ náà ń já lé lórí.

Ẹ jẹ́ kí á fi ọkàn ya àwòrán agboolé kan. A kò sọ pé agboolé báyìí ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti jáde lọ ṣèwádìí rí yóò dá a mọ̀. Ọjọ́ ọ̀sẹ̀ Ọ̀ṣun ni. Ènìyàn bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pé sí iwájú ojúbọ. Akẹ́kọ̀ọ́ mú ìwé ìyọ̀ǹda olójú-ewé kan jáde, ó ka á fún Ìyá Ọ̀ṣun, Ìyá ní, "Ọmọ mi, kò burú, máa bá iṣẹ́ rẹ lọ." Wọ́n tẹ ìka síbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tan fóònù rẹ̀, ó sì gba ohùn gbogbo ilé sílẹ̀ fún wákàtí méjì. Nígbà tí ó dé ilé, ó kọ ọ́ pé àwọn abẹ́nà ìmọ̀ òun ti yọ̀ǹda.

Àwọn wo? Ẹnì kan ṣoṣo ló sọ̀rọ̀. Nínú àwọn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn, ìyàwó ilé wà níbẹ̀ tí ó ń gbe orin. Ẹni tí ó wá tọrọ ọmọ wà níbẹ̀, ó sì ń fi omijé sọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí nílé ọkọ. Olùkọ́ kan wà níbẹ̀ tí ó máa ń jókòó sí iwájú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, ṣùgbọ́n tí kò gbàgbé pé Ọ̀ṣun ni wọ́n tọrọ òun lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá Ọ̀ṣun ní àṣẹ láti ṣí ilẹ̀kùn ojúbọ fún àlejò. Kò ní àṣẹ láti fi ohùn olùkọ́ yẹn tọrẹ, bẹ́ẹ̀ ni kò sì sọ pé òun fi í tọrẹ. Ẹnu oníkàn ni a ti ń gbọ́ pọ̀n-ún.

Àwọn kan yóò ní bí olùkọ́ náà kò bá fẹ́, kí ló dé tí kò sọ? Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá kò yẹ kó béèrè bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àgbà ti ní kò burú níwájú gbogbo ènìyàn, ta ni yóò dìde láàrin ẹbọ tí yóò ní òun kò gbà? Ìdákẹ́jẹ́ ibi ìjọsìn, ìbọ̀wọ̀ fún àgbà ni. Kì í ṣe ìdáhùn sí ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò bi í. Nítorí náà ìyọ̀ǹda gbọ́dọ̀ ní ìpele méjì: ti olórí, kí o tó wọlé, àti ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, ní ìkọ̀kọ̀, níbi tí "rárá" kò ti ní dójú ti ẹnikẹ́ni. Ẹni tí o kò bá rí bá sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dé inú iṣẹ́ rẹ.

Ohun tí ó ń bí wa nínú ni pé àwọn olórìṣà fúnra wọn ní ìlànà tí ó le ju tiwa lọ. Ọ̀pọ̀ ilé kì í jẹ́ kí àlejò gba nǹkan sílẹ̀ níwájú òrìṣà láìda obì. Wọn yóò ya obì alábàtà sí awẹ́ mẹ́rin, wọn yóò dà á sílẹ̀. Bí méjì bá ṣíjú sókè tí méjì dojúdé, obì yàn. Bí gbogbo rẹ̀ bá dojúdé, ọ̀rọ̀ kò tíì rí bẹ́ẹ̀, wọn yóò sì wádìí ohun tó fà á. Ìyẹn ni pé níbẹ̀, "rárá" jẹ́ ìdáhùn tó ṣeé ṣe ní tòótọ́. Nínú ìwé ìyọ̀ǹda tiwa ńkọ́? Mélòó nínú wa ló ti rí iṣẹ́ àpilẹ̀kọ kan tí ó kọ ọ́ pé, "A kò gbà wá láàyè, a sì padà sílé"? Ìbéèrè tí kò ní ju ìdáhùn kan lọ kì í ṣe ìbéèrè.

Ibi tí ọ̀rọ̀ tún ti le jù ni ìgbà tí òrìṣà bá gun ènìyàn. Bí òrìṣà bá gun ìyàwó ilé tó ń gbe orin yẹn, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ta ló ń sọ̀rọ̀? Nínú ìgbàgbọ́ ilé náà, òrìṣà ni. Ẹni tí ó gùn sábà máa ń sọ lẹ́yìn náà pé òun kò mọ ohun tó jáde lẹ́nu òun. Ìyọ̀ǹda tí ó ṣe láàárọ̀, tí ara rẹ̀ balẹ̀, kò bo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lọ́sàn-án. Síbẹ̀ apá yìí gan-an ni fóònù wa máa ń lépa jù, apá yìí náà ni fọ́nrán rẹ̀ máa ń dé orí Wásáàpù kíláàsì kí ilẹ̀ tó mọ́. Ohun tó yẹ kò ju kí á padà lọ ní ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta, kí á fi fọ́nrán náà han obìnrin yẹn fúnra rẹ̀, kí ó wo ara rẹ̀, kí ó sì sọ bóyá kí ó wà tàbí kí á pa á rẹ́. Bí ó bá ní kí á pa á rẹ́, a ó pa á rẹ́ lójú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wá sí orúkọ tí a ní a fi pamọ́. Nínú iṣẹ́ agboolé tí à ń wí yìí, akẹ́kọ̀ọ́ kọ ọ́ pé: "Abẹ́nà ìmọ̀ kìíní, obìnrin, ẹni ọdún 68, Ìyá Ọ̀ṣun ìlú náà." Ó sì ti kọ orúkọ ìlú sójú ìwé kìíní. Ìyá Ọ̀ṣun mélòó ló wà ní ìlú kan? Abẹ́nà ìmọ̀ kejì ni "olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹni ọdún 41". Gbogbo ìlú ti mọ̀ ọ́n. Tí a bá tún kọ orin tí wọ́n fi kí i sílẹ̀, oríkì orílẹ̀ rẹ̀ wà nínú orin náà, ó sì ti júwe ilé bàbá rẹ̀ tán. Ní tiwa, oríkì ju orúkọ lọ. Ìdánwò rẹ̀ kò ṣòro: fún ọmọ ìlú náà kan ní ojú ewé náà. Bí ó bá lè tọ́ka sí ẹni náà, o kò fi ohunkóhun pamọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá sì dé etí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì olùkọ́ yẹn, akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ ni wọn yóò pè jókòó.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣì wá gbọ́. A kò ní kí á pa orúkọ gbogbo ènìyàn mọ́. Àìdárúkọ náà lè jẹ́ olè jíjà. Nígbà tí William Bascom gba ẹsẹ ẹ́rìndínlógún sílẹ̀ lẹ́nu Sàlàkọ́ ní Ọ̀yọ́ ní 1951, ó dárúkọ rẹ̀ nínú ìwé tí ó jáde ní 1980. Nítorí náà ni a fi mọ̀ lónìí ẹni tí ìmọ̀ yẹn ti ẹnu rẹ̀ wá. Ìyá Ọ̀ṣun tí ó ti ń kọrin fún ogójì ọdún lè fẹ́ kí orúkọ òun wà lára orin òun, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i ju àwa tí a dà á kọ lọ. Nítorí náà, ìpín méjì ni kí á máa ṣe. Orin àti ẹsẹ, kí á bi ẹni tó ni ín bóyá ó fẹ́ kí á dárúkọ òun. Ìtàn ìgbésí ayé, àìsàn, àìrọ́mọbí, ẹ̀sìn tí ẹnì kan ń ṣe ní ìkọ̀kọ̀: kí á pa ti ìyẹn mọ́, kí á sì yí ọjọ́ orí, iṣẹ́ àti ìlú padà títí ìdánwò yẹn yóò fi yege. Ẹnì kan náà lè wà nínú ìpín méjèèjì.

Ó kù "ọmọ ibẹ̀ ni mí". Gbólóhùn yìí ni a fẹ́ràn jù, òun ló sì ń tan wá jù. Ọ̀pọ̀ nínú wa jẹ́ ọmọ ibẹ̀ ní ti èdè nìkan. Inú ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí ni a ti dàgbà, ìyá wa á sì gbàdúrà lé wa lórí kí á tó lọ sí ojúbọ. Àlejò tó gbọ́ èdè ni wá, kí á sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn máa ń ṣe bí ẹni tó wá dífá, tí fóònù wà nínú àpò wọn. Ìyẹn kì í ṣe ìwádìí, ẹ̀tàn ni.

Ní ti ẹni tí ó jẹ́ ọmọ olórìṣà lóòótọ́, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ló nira jù. Wọ́n ti sọ ọ̀pọ̀ nǹkan fún un gẹ́gẹ́ bí ọmọ, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí oníwàádìí. Pierre Verger di babaláwo ní Kétu ní 1953, wọ́n sọ ọ́ ní Fátúmbí, ó sì tẹ ọ̀pọ̀ oògùn àti ọfọ̀ jáde nínú ìwé *Ewé* ní 1995. Títí dòní ìbéèrè náà wà níbẹ̀: ohun tí a kọ́ ọ nítorí pé o di awo, ṣé o lè fún ọ̀gbẹ̀rì tí ó bá ti lè ra ìwé? Ìdáhùn tiwa ni pé ọmọ ilé gbọ́dọ̀ padà lọ béèrè ohun tí ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Kí ó ní, "Bàbá, ẹ kọ́ mi ní èyí nígbà tí mo wà ní kékeré. Ṣé kí n kọ ọ́ sínú ìwé?" Bí Bàbá bá ní rárá, ìmọ̀ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí nínú iṣẹ́ rẹ̀. Bí ó bá sì ti mulẹ̀, kò sí ohun tó ń béèrè mọ́.

A mọ ohun tí àwọn olùkọ́ wa yóò sọ. Wọn yóò ní àkókò kò tó, àwọn àgbà kò fẹ́ràn ìwé, àti pé láìsí orúkọ, akẹ́kọ̀ọ́ lè jókòó sílé kó hùmọ̀ abẹ́nà ìmọ̀. Òótọ́ wà nínú èyí tó kẹ́yìn. Nítorí náà kí orúkọ gidi wà nínú àpò ìwé tí a lẹ̀ pa lọ́wọ́ alábòójútó iṣẹ́, kí ó má sí nínú ẹ̀dà tó ń lọ sí ilé ìkàwé. Ní ti ìwé, ẹ jẹ́ kí á fi ẹnu béèrè, kí á gba ìbéèrè àti ìdáhùn sílẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo fẹ́ gba orin yín sílẹ̀. Yóò wà nínú ìwé tí ẹnikẹ́ni lè kà. Ẹ lè ní kí n má ṣe é, ẹ sì lè ní kí n dá a dúró láàrin. Bí ẹ bá yí ọkàn padà kí n tó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ẹ pè mí, n ó yọ ọ́ kúrò. Ṣé kí n kọ orúkọ yín, àbí kí n fi pamọ́?" Kò gba ìṣẹ́jú méjì. Ní ti àkókò, ẹni tí kò bá lè bá ènìyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sọ̀rọ̀, kí ó gba ohùn ẹni mẹ́ta sílẹ̀.

Ohun tí à ń béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ka wa nìyí: kí iṣẹ́ tó sọ pé "wọ́n yọ̀ǹda" máa sọ ẹni tí a bi, ibi tí a ti bi í, iye ẹni tó kọ̀ àti ohun tí a yọ kúrò nítorí wọn. Kí ẹnikẹ́ni má sì pàdánù máàkì nítorí pé obì kò yàn.