«Pọ̀ Sí I» Kì í Ṣe «Pọ̀ Jù»

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ èdè, àṣìlò kan wà nínú àpilẹ̀kọ yín tí n kò lè gbà. Ẹ ya òpó mẹ́rin láti fi iye ènìyàn Lágelú, Akínyẹlé, Ọ̀nà-Àrà àti Ẹgbẹ́dá hàn nínú ìkànìyàn ọdún 2006, ẹ wá kọ ọ́ pé iye náà «ń pọ̀ sí i» láti Lágelú dé Ẹgbẹ́dá. Irọ́ ni! «Pọ̀ sí i», «lọ sókè» àti «dín kù» ń sọ ìyípadà ohun kan náà láàárín àkókò méjì, ó kéré tán. Ọdún kan ṣoṣo ni àwòrán yìí ní. Bí ẹ bá to òpó Ẹgbẹ́dá ṣáájú, ṣé ènìyàn ti dín kù nìyẹn? «Pọ̀ ju» ló tọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kọ «pọ̀ sí i», kí ó wá iye ọdún 1991 fún ìjọba ìbílẹ̀ kan náà, kí ó tò ó ṣáájú ti 2006.

Ìfiwéra náà gbọ́dọ̀ péye. Lágelú ní nǹkan bí 148,000 ènìyàn. Ti Ẹgbẹ́dá lé ní 280,000. Ìlọ́po méjì 148,000 jẹ́ 296,000. Nítorí náà, ẹ kọ ọ́ pé iye Ẹgbẹ́dá súnmọ́ ìlọ́po méjì ti Lágelú. Ẹ má kọ «ó fi ìlọ́po méjì jù ú lọ», nítorí ẹlòmíràn lè kà á sí ìlọ́po mẹ́ta.