Ẹja Tí Ń Sùn Nínú Amọ̀ Gbígbẹ

Kò sí ìyá ilé kan tí kò mọ ìgbín tí ó ti di ẹnu. Nígbà tí òjò bá ti dá, tí ọyẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, ìgbín a wọ inú ìkarahun rẹ̀ lọ, a sì fi ìdérí funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan dí ẹnu ọ̀nà. Kì í jẹun, kì í mu omi, kì í sì í rìn, títí òjò yóò fi padà. A máa ń wí pé oorun ni ó ń sùn. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá sùn ní alẹ́, ebi a máa pa á ní òwúrọ̀. Kí ni ó dé tí ìgbín fi lè wà bẹ́ẹ̀ fún oṣù mélòó kan láìkú? Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ dáhùn lọ́sẹ̀ yìí, ẹja kan ni a ó sì fi dáhùn rẹ̀, nítorí pé bí ẹ̀ẹ̀rùn bá nira fún ìgbín tí ń gbé orí ilẹ̀, mélòó mélòó ni fún ẹja tí ilé rẹ̀ jẹ́ omi?

Ẹja náà ń gbé nínú àwọn àbàtà àti àkùrọ̀ tí Odò Ọya ń bò mọ́lẹ̀ nígbà òjò. Àwọn Hausa, tí wọ́n pọ̀ láàrin wa ní Ìlọrin, ń pè é ní gàíwá. Ara rẹ̀ gùn bí ti ejò, kò sì ní lẹbẹ bí ẹja mìíràn. Ohun mẹ́rin tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn ni ó wà ní ipò rẹ̀, méjì níwájú, méjì lẹ́yìn. Ní ọdún 1839, ọ̀mọ̀wé kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Richard Owen, ṣe àpèjúwe irú ẹja yìí tí a mú wá láti Odò Gámbíà. Ohun tí ó ya àwọn ọ̀mọ̀wé lẹ́nu nígbà náà ni pé ẹ̀dọ̀fóró wà nínú rẹ̀, bí ó ti wà nínú àwa ènìyàn. Kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́ ni ẹ̀dọ̀fóró yìí. Láti inú afẹ́fẹ́ òkè omi ni ẹja náà ti ń rí èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú èémí rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé bí a bá fi àwọ̀n dí i mọ́ ìsàlẹ̀ omi kí ó má lè gòkè, yóò rì sómi, yóò sì kú.

Ẹ jẹ́ kí á wá wo ohun tí ó ń ṣe nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé. Ní agbègbè Ìlọrin, òjò a máa dá ní ìparí oṣù kẹwàá tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, kì í sì í padà dáadáa títí di oṣù kẹrin. Bí omi àbàtà ti ń fà, ẹja náà a fi orí wọ inú ẹrẹ̀. A máa fi ẹnu bù ú, a sì máa tú u jáde ní ẹ̀gbẹ́ ọrùn rẹ̀. Báyìí ni yóò ṣe gbẹ́ ihò lọ sí ìsàlẹ̀, tí ó lè jìn tó ìwọ̀n ẹsẹ̀ kan tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ ihò, a fẹ àyè sí i, a yí padà kí ẹnu rẹ̀ lè kọjú sí òkè, a sì ká ara rẹ̀ jọ, tí ìrù rẹ̀ yóò fi bo ojú rẹ̀.

Nígbà náà ni awọ ara rẹ̀ yóò tú ikun tí ó pọ̀ jáde. Bí omi inú ihò ti ń gbẹ, ikun náà a gbẹ pẹ̀lú, a sì di àpò aláwọ̀ ilẹ̀ tí ó fẹ́lẹ́ bí ìwé, tí ó lẹ̀ mọ́ ẹja náà yíká. Ojú kan ṣoṣo ni àpò yìí ti ṣí sílẹ̀, èyíinì ni ẹnu ẹja náà, níbi tí ikun ti ṣe ọ̀nà kékeré kan fún afẹ́fẹ́. Àpò náà ni kò jẹ́ kí omi ara rẹ̀ gbẹ. Bí kò bá sí i, amọ̀ gbígbẹ ìbá fa omi ara rẹ̀ gbẹ bí ó ti ń fa omi inú ìkòkò tuntun.

Ṣùgbọ́n àpò nìkan kò tó. Ẹja tí ó wà láàyè gbọ́dọ̀ máa ná ohun kan, kò sì sí oúnjẹ nínú amọ̀. Ní ọdún 1930, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Homer Smith, tí ó jẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Níú Yọ́ọ̀kì, tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde lórí ìbátan ẹja yìí tí ń gbé ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà. Ó wọn afẹ́fẹ́ tí ẹja náà ń lò, nítorí bí iná ti ń lo afẹ́fẹ́ láti jó epo, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ara ń lò ó láti jó oúnjẹ. Ó rí i pé bí oorun náà ti ń wọra, ìnáwó ara ẹja náà ń rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ó fi kù bí ìdá kan nínú mẹ́wàá èyí tí ó ń ná nígbà tí ó jí tí ó sì sinmi jẹ́ẹ́, tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkàn rẹ̀ ń lù lọ́ra, ó ń mí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹran ara ẹja náà fúnra rẹ̀ ni ó sì ń jó gẹ́gẹ́ bí epo.

Kí èyí lè yé wa, ẹ jẹ́ kí á fi àtùpà ṣe àkàwé. Ká ní epo inú àtùpà kan ń tó ọgbọ̀n ọjọ́ nígbà tí a bá fa òwú rẹ̀ sókè dáadáa. Bí a bá rẹ òwú náà sílẹ̀ tí ó fi ń jó ìdá kan nínú mẹ́wàá epo rẹ̀ lóòjọ́, epo kan náà yóò tó 300 ọjọ́. Ẹ̀ẹ̀rùn wa kò ju nǹkan bí 150 sí 180 ọjọ́ lọ. Nítorí náà àtùpà náà yóò rí òjò, epo yóò sì ṣẹ́kù sínú rẹ̀. Kì í ṣe pé ẹja náà kó oúnjẹ púpọ̀ wọ inú ilẹ̀; ó mọ̀ ọ́n ná ni.

Ohun kejì wà tí àwọn ènìyàn kì í sábà rò. Níbi tí iná bá ti jó, eérú gbọ́dọ̀ wà. Nígbà tí ara bá jó ẹran, májèlé kan a máa jáde láti inú rẹ̀ tí a ń pè ní amóníà. Òun ni òórùn tí ń ta ni ní imú ní ibi tí ìtọ̀ ti pẹ́ sí. Nígbà tí ẹja bá wà nínú omi, omi a máa gbé májèlé yìí lọ. Ṣùgbọ́n ẹja tí a dì sínú àpò kò rí omi tí yóò gbé e lọ, kò sì lè tọ̀, nítorí ìtọ̀ yóò ná an ní omi tí kò ní. Nítorí náà ara rẹ̀ a sọ amóníà náà di yúríà, tí kò ní oró tó bẹ́ẹ̀. Yúríà yìí kan náà ni ohun tí àwọn àgbẹ̀ wa ń rà nínú àpò láti fi ṣe ajílẹ̀ fún àgbàdo. Ẹja náà a máa tọ́jú rẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara rẹ̀ láti oṣù dé oṣù, a sì dà á nù sínú omi nígbà tí ó bá jí.

Kí ni ń jí i? Omi òjò tí ó ṣàn wọ inú ihò ni. Omi náà a dí ọ̀nà èémí rẹ̀, a sì rọ àpò ikun náà. Bí kò bá jí, yóò rì sómi. Ó jí, ó fi agbára díẹ̀ tí ó kù gòkè lọ mí, lẹ́yìn náà ni ó ń wá oúnjẹ kiri.

Ẹ kíyèsí i pé kì í ṣe gbogbo ẹja tí ń mí afẹ́fẹ́ ni ó lè ṣe èyí. Àrọ̀, tí gbogbo wa mọ̀, lè mí afẹ́fẹ́ pẹ̀lú. Ó lè wà nínú ẹrẹ̀ tútù fún ìgbà díẹ̀, ó sì lè wọ́ lórí koríko tútù lọ sí omi mìíràn. Ṣùgbọ́n kò lè fi ikun ṣe àpò. Nítorí náà, bí ẹrẹ̀ bá gbẹ tán pátápátá, àrọ̀ a kú níbi tí gàíwá ti ń sùn.

Gàíwá náà ní ààlà tirẹ̀. Inú ilẹ̀ iyanrìn kò dára fún un, nítorí pé ihò inú iyanrìn a máa wó. Ilẹ̀ amọ̀ ni ó ń fẹ́. Ooru pẹ̀lú jẹ́ ọ̀tá rẹ̀, nítorí bí ara ẹja bá ti gbóná sí i ni ó ń jó epo sí i. Ìdí nìyí tí itútù ìsàlẹ̀ ilẹ̀ fi ṣe é ní àǹfààní. Ẹja tí ó rù nígbà tí ó wọlé lè má rí òpin ẹ̀ẹ̀rùn. Òjò ẹ̀tàn sì wà, irú èyí tí ń rọ̀ lẹ́ẹ̀kan ní oṣù kejì tí kò sì padà mọ́. Ẹ jẹ́ kí á padà sí àtùpà wa: ọjọ́ kan tí ẹja fi jí ń ná an ní epo ọjọ́ mẹ́wàá oorun. Bí òjò ẹ̀tàn bá jí i fún ọjọ́ mẹ́fà, ó ti ná epo tí ìbá tó o fún oṣù méjì, ikun àpò tuntun yóò sì tún ná an ní tirẹ̀. Àgbẹ̀ tí ọkọ́ rẹ̀ bá sì ya àpò náà ní oṣù kìn-ín-ní ti ṣí ìdérí ìkòkò omi fún oòrùn. Bí kò bá fẹ́ jẹ ẹja náà, inú omi ni kí ó gbé e sí, kì í ṣe inú ihò tí ó ti hú u.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí á padà sọ́dọ̀ ìgbín inú ilé. Òfin kan náà ni ó ń pa mọ́. Ọ̀pọ̀ ìyá ilé tí ń sin ìgbín a máa wọ́n omi díẹ̀ sí i nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ó lè jáde fún wọn láti wò, wọn a sì tún fi í sílẹ̀ láìfún un ní oúnjẹ. Èyí ni òjò ẹ̀tàn gan-an. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ó bá já ìdérí rẹ̀ ni ó ń ná nínú ohun tí ó tò jọ, yóò sì tún ṣe ìdérí mìíràn. Ẹni tí ó bá fẹ́ jí ìgbín rẹ̀, kí ó máa fún un ní omi àti ewé lójoojúmọ́ láìdáwọ́dúró. Ẹni tí kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, kí ó gbé e sí ibi òjìji, kí ó sì jẹ́ kí ó sùn.

Ẹ má sì ṣe yára da ìgbín nù pé ó ti kú. Èyí tí ń sùn a máa wúwo lọ́wọ́, ìdérí rẹ̀ a sì wà láìya, kò sì ní òórùn. Èyí tí ó ti kú a máa fúyẹ́, tàbí kí ó máa rùn. Bí iyèméjì bá wà, ẹ gbé e lé ewé tútù ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ sì wò ó ní òwúrọ̀. Bí ó bá ti yọ orí, ẹ fún un ní oúnjẹ rẹ̀, nítorí pé ẹ ti fa òwú àtùpà rẹ̀ sókè.