Àmì "I" Kì í Ṣe Máàkì, Gbèsè Ni

Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn sáà ẹ̀kọ́ kan, akẹ́kọ̀ọ́ mi kan kan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì mi. Ó ní, "Ẹ káàsán, sà. Ẹ jọ̀ọ́, màmá mi wà ní ilé ìwòsàn láti ìjẹta. Mi ò lè parí àròkọ ìparí. Ṣé ẹ lè fún mi ní 'I'?"

Mo ní, "Pẹ̀lẹ́ o. Ọlọ́run á fún wọn ní àlàáfíà. Mo lè fún ọ."

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣeun gan-an, sà. Ọkàn mi ti balẹ̀ báyìí."

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ọjọ́ tí ọkàn akẹ́kọ̀ọ́ balẹ̀ nípa "I" ni ewu rẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Ní yunifásítì ilẹ̀ Amẹ́ríkà, "I" máa ń wà ní ibi tó yẹ kí A tàbí B wà nínú àkọsílẹ̀ èsì akẹ́kọ̀ọ́. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé iṣẹ́ kò tíì parí. Olùkọ́ kì í kàn án fún ẹnikẹ́ni tó bá bẹ̀bẹ̀. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ náà ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ kọ́ọ̀sì, kí ó sì máa ṣe dáadáa níbẹ̀. Ó yẹ kí ohun tó dá a dúró jẹ́ ohun tí kò sí ní ìkáwọ́ rẹ̀, bí àìsàn tàbí ọ̀fọ̀ nínú ẹbí. Ó sì yẹ kí òun àti olùkọ́ ti fohùn ṣọ̀kan kí olùkọ́ tó fi èsì ránṣẹ́. Ẹni tí kò wá sí kíláàsì láti ọ̀sẹ̀ kẹta kò lè gba "I", nítorí kì í ṣe díẹ̀ ló kù fún un. Ohun tó yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ béèrè ni bí òun ṣe lè yọ orúkọ òun kúrò nínú kọ́ọ̀sì náà kí àkókò rẹ̀ tó kọjá.

Nítorí náà, "I" kì í ṣe máàkì. Gbèsè ni. Gbogbo gbèsè ló sì ní ọjọ́ tí a gbọ́dọ̀ san án.

Ọjọ́ yẹn yàtọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ kan sí èkejì. Ní Yunifásítì Indiana, ọdún kan ni akẹ́kọ̀ọ́ ní. Bí ọdún náà bá pé tí iṣẹ́ kò parí, "I" yóò di F. Ní Yunifásítì California tó wà ní Los Angeles, òpin sáà kíkún tí akẹ́kọ̀ọ́ tún wà ní ilé ẹ̀kọ́ lẹ́yìn náà ni gbèdéke, èyí tí a fi lẹ́tà gbà yóò sì di F bí ó bá kọjá. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré ni wọ́n fún akẹ́kọ̀ọ́. Ibi yòówù kí ó jẹ́, ẹ má rò pé ẹnì kan yóò jókòó ro ọ̀rọ̀ yín kí F tó dé. Kọ̀ǹpútà ló ń ṣe é. Kò mọ̀ pé màmá yín ṣàìsàn, kò sì mọ̀ pé ojú ìwé méjì péré ló kù.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kì í rò. Ọjọ́ tí ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ kọ́ ni ọ́fíìsì àkọsílẹ̀ ń wò. Ọjọ́ tí olùkọ́ fi máàkì tuntun ránṣẹ́ ni wọ́n ń wò. Láàárín ọjọ́ méjèèjì yìí, olùkọ́ gbọ́dọ̀ ka iṣẹ́ náà, kí ó fún un ní máàkì, kí ó sì kọ ìyípadà náà sínú ètò ilé ẹ̀kọ́. Bí gbèdéke bá jẹ́ ọjọ́ Ẹtì, tí ẹ fi àròkọ ránṣẹ́ ní aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ Ẹtì náà, ẹ ti pẹ́, bí ẹ̀yin tilẹ̀ rò pé ẹ wà lásìkò.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí akẹ́kọ̀ọ́ mi gan-an nìyẹn. Màmá rẹ̀ gbádùn ní oṣù kìíní, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n sáà tuntun ti bẹ̀rẹ̀, ó ti gba kọ́ọ̀sì márùn-ún mìíràn, ó sì ń sọ pé òun yóò kọ àròkọ náà nígbà ìsinmi. Ìsinmi dé, ó lọ. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ogún ọdún ń bọ̀ wá ku ọ̀la. Ní alẹ́ ọjọ́ tí gbèdéke pé, àròkọ rẹ̀ wọlé sínú ímeèlì mi. Mo kà á ní ọjọ́ Ajé. Ó dára. Nígbà tí mo fẹ́ fi máàkì rẹ̀ ránṣẹ́, F ti wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ohun tí F yẹn ṣe. Ní sáà náà, ó gba kọ́ọ̀sì márùn-ún, kírẹ́dìtì mẹ́ta-mẹ́ta. Ó gba B nínú mẹ́ta, ó gba A nínú ọ̀kan, ó sì gba "I" nínú Yorùbá. B jẹ́ póíǹtì 3, A jẹ́ 4. Bí a bá sọ wọ́n di púpọ̀ pẹ̀lú kírẹ́dìtì, póíǹtì 39 ni. Nígbà tí "I" ṣì wà, a kì í ka Yorùbá mọ́ ọn, nítorí náà a pín 39 sí ọ̀nà 12, GPA rẹ̀ sì jẹ́ 3.25. Lẹ́yìn tí F dé, póíǹtì kò lé rárá, ṣùgbọ́n kírẹ́dìtì di 15. GPA rẹ̀ já sí 2.60.

Wàyí o, kí ni akẹ́kọ̀ọ́ yìí mọ̀ nínú Yorùbá? Àròkọ ìparí gba máàkì 20 nínú 100. Nínú 80 tó kù, ó ti gba 74. Ẹni tí kò kọ ọ̀rọ̀ kan sínú àròkọ náà, tí a fún ní òdo níbẹ̀, ṣì ní 74, èyí tó jẹ́ C ní ilé ẹ̀kọ́ wa. GPA rẹ̀ ì bá jẹ́ 3.00. Bí mo bá sì ti lè fi máàkì àròkọ náà kún un, ó gba 14 nínú 20, àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 88, èyí tó jẹ́ B+. GPA rẹ̀ ì bá jẹ́ 3.26.

Ibí yìí ni mo ti ní èrò tèmi. Òfin tó sọ gbogbo "I" di F kò sọ òótọ́. F túmọ̀ sí pé akẹ́kọ̀ọ́ kò mọ ohun tí a kọ́ ọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó gba 74 láìkọ àròkọ mọ̀ ọ́n. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan ti rí èyí. Nígbà tí olùkọ́ wọn bá fi "I" ránṣẹ́, wọ́n ní kí ó kọ máàkì mìíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: máàkì tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò ní bí iṣẹ́ tó kù bá jẹ́ òdo. Bí gbèdéke bá kọjá, máàkì yẹn ni yóò rọ́pò "I". Fún ẹlòmíràn, F náà ni yóò jẹ́. Fún akẹ́kọ̀ọ́ mi, C ni ì bá jẹ́.

Ẹlẹgbẹ́ mi kan kò gbà pẹ̀lú mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá mú F kúrò, ta ni yóò parí iṣẹ́? Ẹ̀rù F ló ń lé wọn." Mo gbọ́ ọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í sì í ṣe àwàdà. Ṣùgbọ́n ẹ tún wo ìṣirò òkè yẹn. Láti 3.26 sí 3.00, àdánù ni. Ẹni tí kò bá san gbèsè ṣì pàdánù ohun tó yẹ kí ó gbà. Ohun tí F fi kún un kì í ṣe ẹ̀kọ́. Ó ń gba èyí tó ti ṣiṣẹ́ fún lọ́wọ́ rẹ̀.

Níbi ọ̀rọ̀ gbèdéke, mo le ju ẹlẹgbẹ́ mi lọ. Ọdún kan pọ̀ jù. Ó jọ àánú, ṣùgbọ́n kì í ṣe é. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, akẹ́kọ̀ọ́ ti gbàgbé àwọn ìwé tó kà, àròkọ tí ì bá gbà á ní ọjọ́ mẹ́rin á wá gbà á ní ọ̀sẹ̀ méjì. Olùkọ́ náà lè ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́ mìíràn. Fún àròkọ kan ṣoṣo, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó ẹni tí ara rẹ̀ ti yá. Ẹni tí wàhálà rẹ̀ kò tíì tán lè béèrè fún àfikún, ṣùgbọ́n kí ó béèrè kí ọjọ́ náà tó pé. Lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò sí lọ́wọ́ olùkọ́ nìkan mọ́.

Èmi náà jẹ̀bi. Mo sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ mi pé gbèdéke ilé ẹ̀kọ́ ni gbèdéke wa. Ó yẹ kí n fún un ní ọjọ́ tèmi, ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ti ilé ẹ̀kọ́, kí n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú iṣẹ́ tó kù àti iye máàkì rẹ̀, kí àwa méjèèjì fọwọ́ sí i. Báyìí ni mo ń ṣe láti ìgbà náà. Bí olùkọ́ yín kò bá ṣe é, ẹ̀yin ẹ kọ ọ́ sínú ímeèlì, kí ẹ sì ní kí ó fèsì pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ má sì tún fi orúkọ sílẹ̀ fún kọ́ọ̀sì kan náà nítorí ẹ rò pé yóò pa "I" rẹ́. Lọ́pọ̀ ibi, kì í pa á rẹ́. Kọ́ọ̀sì kejì ni wọn yóò kà á sí, ẹ ó sì san owó rẹ̀.

Mo kọ lẹ́tà sí ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́ wa. Wọ́n kà á, wọ́n sì kọ̀. Nítorí F yẹn, akẹ́kọ̀ọ́ mi kò lè wọ kíláàsì Yorùbá ọdún kejì. Nígbà tí sáà mìíràn dé, ó padà wá jókòó sí kíláàsì ọdún kìíní, ó ń tún kọ́ bí a ṣe ń kí ènìyàn, ó sì san owó kírẹ́dìtì mẹ́ta lẹ́ẹ̀kejì. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, sà." Ohùn ọ̀rọ̀ náà tọ̀nà, kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀.