Aago Ọwọ́ Kì í Ka Ẹsẹ̀

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ohun tí mo fẹ́ bá yín jiyàn lé lórí kò ju ẹyọ kan lọ: kò tọ́ kí ilé-ẹ̀kọ́ máa fi iye ìgbésẹ̀ tí aago ọwọ́ kà fún akẹ́kọ̀ọ́ ní máàkì. Mi ò sọ pé aago náà kò wúlò. Ohun tí mo ń sọ ni pé iṣẹ́ tí a rán an kọ́ ni iṣẹ́ tó ń jẹ́. Ẹsẹ̀ la ní kó kà, ọwọ́ ló ń kà.

Ní sáà tó kọjá, ilé-ẹ̀kọ́ wa ra aago 30, oríṣi kan náà ni gbogbo wọn, wọ́n sì pín wọn fún kíláàsì wa pé kí kálukú wọ tirẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tí ìgbésẹ̀ rẹ̀ bá pọ̀ jù lójúmọ́ ni yóò gba máàkì 10 nínú ẹ̀kọ́ eré ìdárayá. Bí iye náà bá ṣe ń dín kù ni máàkì yóò máa dín kù. Ọmọkùnrin tó ń gbọn ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ àṣà wa ló gbégbá orókè pẹ̀lú ìgbésẹ̀ 9,860 lójúmọ́. Ọmọbìnrin kan tó máa ń pọnmi sílé ní ìrọ̀lẹ́ ní 7,640, wọ́n sì fún un ní máàkì 6. Olùkọ́ wa sọ fún un lójú gbogbo wa pé kó yé jókòó sójú kan. Ẹni tó ń ru omi lójoojúmọ́ ni wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún. Mo pinnu láti wádìí bóyá òótọ́ ni aago náà ń sọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo inú rẹ̀. Kò sí ojú nínú aago tó lè rí ẹsẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ni ẹ̀rọ bíńtín kan tí wọ́n ń pè ní akisẹlẹrómítà. Bí ẹ bá ti wọ dánfó rí, ẹ ti mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì lójijì, ara wa á fì síwájú. Bó bá tún ki eré mọ́lẹ̀, ẹ̀yìn wa á lẹ̀ mọ́ àga. Ẹni tó bá di ojú rẹ̀ nínú ọkọ̀ yóò ṣì mọ ìgbà tí ọkọ̀ yí ìrìn padà, nítorí ara rẹ̀ ló ń sọ fún un. Nínú aago, ègé sílíkọ́nì kan tó kéré ju hóró ìrẹsì lọ dáadáa ló dà bí èrò ọkọ̀ yẹn. Sípíríǹgì tó tín-ín-rín ló gbé e dúró. Bí ọwọ́ bá fì, ègé yìí á fà sẹ́yìn díẹ̀, àlàfo tó wà láàrin òun àti àwọn àwo tí kò mira lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á yí padà, iná mànàmáná ibẹ̀ náà á sì yí padà. Ìyípadà yẹn ni aago ń kọ sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìgbà láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan, ní ọ̀nà mẹ́ta: òkè sí ìsàlẹ̀, ọ̀tún sí òsì, iwájú sí ẹ̀yìn.

Báwo ni èyí ṣe wá ń di ìgbésẹ̀? Ẹni tó ń rìn geere máa ń gbé nǹkan bí ìgbésẹ̀ 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn bíi méjì ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí gìgísẹ̀ bá ti ń balẹ̀ ni ara ń mì, mímì náà á sì gba ara kọjá dé ọrùn ọwọ́. Apá pẹ̀lú á máa fì síwá-sẹ́yìn. Ètò tí wọ́n kọ sínú aago á wá máa wá ohun tó jọ èyí: mímì tó lágbára tó, tó sì ń tún ara rẹ̀ ṣe bí ìlù ìrìn. Kí ó má baà kà á sí ìgbésẹ̀ nígbà tí a bá kàn họ orí, ọ̀pọ̀ aago kì í kà rárá títí yóò fi rí bíi mẹ́wàá léraléra. Ìgbà náà ni yóò tó gbà pé ìrìn ni, tí yóò sì ka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá papọ̀. Ẹ ṣàkíyèsí pé ìméfò ni gbogbo èyí. Ìméfò ọlọ́gbọ́n ni, ṣùgbọ́n ìméfò ni.

Ọ̀nà méjì ni irú ìméfò bẹ́ẹ̀ lè gbà ṣì wá lọ́nà. Bí ẹsẹ̀ bá ń rìn tí ọwọ́ dúró, aago á ka iye tó kéré. Bí ọwọ́ bá ń mì bí ìlù ìrìn tí ẹsẹ̀ dúró, á ka iye tó pọ̀. Mo dán méjèèjì wò lórí pápá ilé-ẹ̀kọ́ wa pẹ̀lú ọ̀kan lára àwọn aago náà. Akẹgbẹ́ mi kan ń bá mi ka ìgbésẹ̀ sókè ketekete, èmi ń rìn.

Lákọ̀ọ́kọ́, mo rin ìgbésẹ̀ 200 pẹ̀lú ọwọ́ lásán, lẹ́ẹ̀mẹta. Aago ka 196, 203 àti 198. Ẹni tí kò bá dán ju èyí wò yóò búra pé aago náà pé. Lẹ́yìn náà, mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi ka orí òṣùká, mo fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, mo sì tún rin ìgbésẹ̀ 200 lẹ́ẹ̀mẹta. Aago ka 58, 71 àti 66. Kò ju bí ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Ẹni tó ru omi kì í jẹ́ kí ara rẹ̀ mì, nítorí bí ara bá mì, omi á dà sí i lọ́rùn. Eékún rẹ̀ àti ìbàdí rẹ̀ ló ń gba gbogbo mímì yẹn kí ó tó dé orí, ọwọ́ rẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ etí bọ́kẹ́ẹ̀tì. Bí ẹni náà bá ṣe mọ omi rù tó ni aago yóò ṣe kà á sí ẹni tó dúró tó.

Lẹ́yìn náà, mo dúró sójú kan, mo sì gbọn ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10. N kò gbé ẹsẹ̀ kan. Aago fún mi ní ìgbésẹ̀ 430. Ibi tí ìlù bá ti rọra, tó sún mọ́ méjì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ibẹ̀ ni iye náà ti ń sáré gòkè. Bí ìlù bá yá ju ìrìn ènìyàn lọ, aago á dákẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣe ìṣirò àwọn méjì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ìgbà mẹ́fà ni ọmọbìnrin yẹn máa ń lọ sí ẹ̀rọ omi lójúmọ́, ìgbésẹ̀ 250 ló sì jẹ́ láti ibẹ̀ dé ilé wọn. Ìgbà tó bá ń lọ, ọwọ́ rẹ̀ òfìfo ń fì, nítorí náà ẹ jẹ́ ká fi àlọ sílẹ̀. Àbọ̀ mẹ́fà jẹ́ ìgbésẹ̀ 1,500. Bí aago bá rí ìdá kan nínú mẹ́ta, kò ju bíi 500 lọ tí yóò kà. Ó ti pàdánù 1,000. Ọmọkùnrin wa ń gbọn ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 40 lójúmọ́. Bí ìṣẹ́jú 10 bá mú 430 wá, 40 á mú 1,720 wá. Ẹ fi 1,000 kún 7,640, ó di 8,640. Ẹ yọ 1,720 kúrò nínú 9,860, ó ku 8,140. Ẹni tí wọ́n ní ó ń jókòó sójú kan ló rìn jù. Mo mọ̀ pé ìdíwọ̀n ni iye tí mo lò, ọwọ́ wọn kò sì lè rí bákan náà gẹ́lẹ́ pẹ̀lú tèmi. Ṣùgbọ́n àṣìṣe tó tóbi ju àlàfo tó wà láàrin ẹni méjì kò yẹ ní ohun tí a fi ń ṣèdájọ́ wọn.

Àwọn kan yóò sọ pé ẹ̀rọ kì í ṣojúsàájú. Òótọ́ ni pé kò mọ ọmọ tani. Ṣùgbọ́n ó mọ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń fì, kò sì mọ ẹni tó di nǹkan mú. Ọmọ tó ń ti bárò, ìyá àgbà tó ń fi ọ̀pá rọra rìn, ẹni tó ki ọwọ́ bọ àpò, gbogbo wọn ló ń rẹ́ jẹ. Àwọn mìíràn yóò ní bí ọjọ́ bá ti ń pọ̀, èyí tó lé àti èyí tó dín á pa ara wọn rẹ́. Ìyẹn jẹ́ òótọ́ bí àṣìṣe bá ń lọ sókè lónìí, tó ń lọ sísàlẹ̀ lọ́la, bíi 196 àti 203 tí mo kọ́kọ́ rí. Ṣùgbọ́n omi tí ọmọ yẹn ń pọn, ojoojúmọ́ ni. Kóńgò tí oníyẹ̀yẹ́ kan ti lu ìdí rẹ̀ wọnú, bí ẹ bá fi wọn gàrí nígbà ọgọ́rùn-ún, ìgbà ọgọ́rùn-ún ni yóò rẹ́ yín jẹ.

Ìgbésẹ̀ 10,000 tí olùkọ́ wa kọ sára pátákó gẹ́gẹ́ bí òdiwọ̀n ìlera náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní 1965, ilé iṣẹ́ Yamasa ní Japan gbé ẹ̀rọ kan jáde tí wọ́n pè ní Mánpo-kéì, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ẹ̀rọ tí ń ka ẹgbàárùn-ún ìgbésẹ̀. Orúkọ ọjà ni iye náà ti wá, kì í ṣe àbájáde ìwádìí kan. Ẹ tún wò ó: ìbàdí ni wọ́n ń so ẹ̀rọ yẹn mọ́, níbi tí gbogbo ìgbésẹ̀ ti ń mì í, yálà ọwọ́ ṣòfìfo tàbí ó di ẹrù mú.

Wọ́n á bi mí pé kí la wá fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀. Bí máàkì ló bá jẹ wọ́n lógún, kí olùkọ́ ní ká rìn yí pápá ká, kó sì fi ojú ara rẹ̀ ka iye ìgbà tí kálukú yí i. Bí wọ́n bá fẹ́ lo aago náà, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi ìgbésẹ̀ 200 dán tirẹ̀ wò kó tó bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ lásán àti pẹ̀lú iṣẹ́ tó máa ń ṣe nílé. Ẹni tó bá fẹ́ ru ẹrù lè bọ́ ọ kúrò lọ́wọ́, kó fi í sí àpò ṣòkòtò tó fún mọ́ra. Mo dán ìyẹn wò pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà lórí, ó sì ka 189 nínú 200. Lẹ́yìn èyí, kí kálukú máa fi iye tòní wé iye tàná tirẹ̀. Aago kan náà, ọwọ́ kan náà, iṣẹ́ kan náà: bí iye bá gòkè nígbà náà, a lè gbà pé ìrìn ló pọ̀ sí i.

Ṣùgbọ́n láti fi iye tèmi wé iye ẹlòmíràn, kí a sì kọ ọ́ sínú ìwé èsì tí òbí yóò kà, mo lòdì sí i. Kí ilé-ẹ̀kọ́ fa ìlà pa máàkì yẹn, kí wọ́n sì tún un ka.