Ẹ Kọ Abẹ́rẹ́ àti Aago Rẹ̀ Ṣáájú Ìkíni

Ìdájọ́ wa lórí ọ̀rọ̀ yìí kò pé méjì. Ìwé tí nọ́ọ̀sì tàbí dókítà ń kọ nígbà tí áńbúláǹsì bá fẹ́ gbé aláìsàn pàjáwìrì kúrò ní Òkèhò lọ sí Ìbàdàn, ohun tó lè pa aláìsàn náà kó tó di ọ̀sán ni kó wà lókè pátápátá. Ohun tí wọ́n ti fún un, ìwọ̀n rẹ̀ àti aago tí wọ́n fún un ni kó tẹ̀ lé e. Àdírẹ́sì, ẹ̀sìn, iṣẹ́ ọkọ àti ìkíni sí ọ̀gá dókítà, gbogbo ìyẹn lè dúró nísàlẹ̀. Bí àyè kò bá sí fún wọn, kí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀.

Gìrì aboyún ni a ó fi gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò, nítorí pé kò sí àìsàn tí ìwé tí kò péye tètè ń pa lára tó o. Ìfúnpá obìnrin náà á ga, orí á máa fọ́ ọ, ojú rẹ̀ á máa ṣe bàìbàì, lẹ́yìn náà gìrì á gbé e. Bó bá gbé e lẹ́ẹ̀kan, ó lè tún gbé e. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló ṣì ń ka gìrì yìí sí iṣẹ́ ọwọ́ ayé, tí wọ́n á ti gbé obìnrin náà kiri kí wọ́n tó rántí ilé ìwòsàn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tó bá dé iwájú nọ́ọ̀sì, wákàtí ti lọ.

Oògùn tó ń ká gìrì náà lọ́wọ́ kò ni maginísíọ̀mù sọ́fétì. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè 33, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2002, fi hàn pé ó ń dín gìrì kù ju ìdajì lọ lára àwọn aboyún tí àìsàn ìfúnpá gíga bá mú. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ní kí ilé ìwòsàn tí kò lè parí ìtọ́jú náà fún obìnrin náà ní ìwọ̀n àkọ́kọ́, kó sì gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Ìwọ̀n àkọ́kọ́ yìí jẹ́ gíráàmù 14. Gíráàmù 4 á gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ wọlé díẹ̀díẹ̀, kò gbọdọ̀ yá ju ìṣẹ́jú 5 lọ. Lẹ́yìn náà, gíráàmù 5 sí ìdí ọ̀tún, gíráàmù 5 sí ìdí òsì. Tó bá di wákàtí 4 lẹ́yìn èyí, wọ́n á tún fún un ní gíráàmù 5, bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò máa ṣe títí wákàtí 24 yóò fi kọjá lẹ́yìn ìbímọ tàbí lẹ́yìn gìrì tó kẹ́yìn, èyíkéyìí tó bá pẹ́ jù.

Oògùn tó ń gbani là yìí kan náà ni ó ń pani bó bá pọ̀ jù lára. Á kọ́kọ́ sọ iṣan di ọ̀lẹ: bí a bá fi òòlù kékeré gbá orúnkún, kò ní fò mọ́. Bó bá pọ̀ sí i, mímí á máa fà, títí yóò fi dúró. Inú ìtọ̀ ló ń gbà jáde lára, bẹ́ẹ̀ kíndìnrín obìnrin tí gìrì mú kì í sábà ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń yẹ ohun mẹ́ta wò kí wọ́n tó fún un ní ìwọ̀n tó kàn: orúnkún gbọ́dọ̀ fò, mímí kò gbọdọ̀ dín sí 16 ní ìṣẹ́jú kan, ìtọ̀ kò sì gbọdọ̀ dín sí mílílítà 30 ní wákàtí kan. Kálísíọ̀mù gulukonéètì, gíráàmù 1 sínú iṣan díẹ̀díẹ̀, ni ẹ̀rọ̀ rẹ̀ bí nǹkan bá ti yíwọ́.

Ẹ wá fi èyí sí ojú ọ̀nà wa. Láti Òkèhò, ọkọ̀ á gba Ìsẹ́yìn, á sì já sí Mọ́níyà. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti tún títì Mọ́níyà sí Ìsẹ́yìn ṣe, ìrìn sì ti yá ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, síbẹ̀ ó lè ju wákàtí méjì lọ kí obìnrin tó kúrò ní Òkèhò tó dé ilé ìwòsàn ìgbẹ̀bí Adéọ̀yọ́ ní Yemẹtù tàbí ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Ìbàdàn. Àárín ìwọ̀n àkọ́kọ́ sí ìwọ̀n kejì kò ju wákàtí 4 lọ. Òpópónà ló ń jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹni tó fún obìnrin náà lábẹ́rẹ́ kọ́ ni yóò fún un ní èkejì, wọn kò sì lè rí ara wọn. Ìwé yẹn nìkan ló wà láàárín wọn.

Irú ìwé wo ló sì sábà ń dé? Ó ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìkíni, ó ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n bá wa gba ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lókè yìí, ó ń sọ iye oyún tó ti ní, ọjọ́ tó kọ́kọ́ wá forúkọ sílẹ̀, bí àwọn òbí rẹ̀ ṣe wà láàyè. Nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbuwọ́lù, ni ìlà kan á ti sọ pé wọ́n ti fún un ní maginísíọ̀mù, ara rẹ̀ sì ti balẹ̀. Kò sọ iye gíráàmù, kò sọ ibi tí wọ́n gún un sí, kò sọ aago. Dókítà tó gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà láàárín ewu méjì. Bó bá rò pé wọn kò fún un tó, tó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, gíráàmù 28 ti wọ ara obìnrin náà láàárín wákàtí díẹ̀. Bó bá bẹ̀rù ìyẹn tó dúró, aago ìwọ̀n kejì lè kọjá kí gìrì sì tún dé. Ó lè yẹ orúnkún wò lóòótọ́, yóò sì ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n orúnkún tó ń fò kò lè sọ bóyá gíráàmù 4 ni wọ́n fún un tàbí 14. Lójú wa, ìwé tó sọ pé wọ́n fún un lóògùn láìsọ aago burú ju ìwé tí kò sọ nǹkankan lọ, nítorí ó ń mú kí ẹni tó gbà á rò pé òun mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá kọ ọ́ bó ṣe yẹ. Ká ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní agbègbè Òkèhò gba obìnrin ẹni ọdún 22 lóru. Orúkọ àti ọjọ́ orí rẹ̀ á wà ní ìlà àkọ́kọ́, kí wọ́n má baà ṣì í mú. Ohun tó tẹ̀ lé e nìyí: «Gìrì aboyún ẹ̀ẹ̀mejì, 2:10 òru nílé, 3:05 lọ́dọ̀ wa. Kò tíì bímọ, oyún àkọ́kọ́, ọ̀sẹ̀ 36. Maginísíọ̀mù: gíráàmù 4 sínú iṣan ní 3:15, gíráàmù 5 sí ìdí kọ̀ọ̀kan, ó parí ní 3:30. Gíráàmù 5 tó kàn: 7:30 àárọ̀. Hidirálásíìnì mílígíráàmù 5 ní 3:35. Ìfúnpá 180/120 ní 3:00, ó di 150/100 ní 3:55. Mímí 20, orúnkún ń fò, ìtọ̀ mílílítà 40 láti 3:40 sí 3:55. Ọkàn ọmọ ń lù, 144. Ohun tí a ń fẹ́: ẹ bá wa gbẹ̀bí rẹ̀ kíákíá, a kò lè ṣe iṣẹ́ abẹ níhìn-ín.» Nọ́ńbà fóònù ẹni tó kọ ọ́ ló kàn. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìtàn tó kù lè bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo ohun tí ìlà yẹn ṣe. Bí ọkọ̀ bá gbéra ní aago mẹ́rin, tó sì wọ Ìbàdàn ní 6:40, ẹni tó gbà á mọ̀ pé àádọ́ta ìṣẹ́jú ló kù kí ìwọ̀n kejì tó pé. Ó tún mọ̀ pé 7:30 ń bọ̀ ní àsìkò tí àwọn nọ́ọ̀sì òru ń palẹ̀ iṣẹ́ mọ́ fún àwọn ti àárọ̀, nígbà tí ohun tí a kò kọ sílẹ̀ tètè ń bọ́ sọnù. Ìfúnpá méjì tó ní aago lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹ́ kó rí i pé ó ń lọ sílẹ̀, ohun tí «ara rẹ̀ ti balẹ̀» kò lè fi hàn. Ó lè ka gbogbo rẹ̀ bó ṣe ń bá ibùsùn alágbàá rìn wọlé.

Àwọn nọ́ọ̀sì á sọ fún wa pé òru ni, iná kò sí, tọ́ọ̀ṣì fóònù ni wọ́n fi ń kọ̀wé, àwọn ẹbí ń sunkún, dírẹ́bà sì ti ń fọn fèrè. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ, àánú wọn sì ń ṣe wá. Ṣùgbọ́n ohun tó mú kí ètò yìí pọn dandan gan-an nìyẹn. Bí dírẹ́bà bá gba ìwé lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì láàárín kíkọ, ohun tó ti kọ sílẹ̀ ni yóò dé Ìbàdàn. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìkíni á ti fi ìkíni ránṣẹ́. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gìrì àti abẹ́rẹ́ á ti fi ìtọ́jú ránṣẹ́.

Ìwé náà kò sì gbọdọ̀ parí lẹ́nu géètì. Kí ìdajì ìsàlẹ̀ rẹ̀ wà fún ojú ọ̀nà. Bí gìrì bá tún gbé obìnrin náà ní Ìsẹ́yìn ní 4:50, tí nọ́ọ̀sì inú ọkọ̀ sì fún un ní gíráàmù 2 sínú iṣan, inú ìwé kan náà ni kó kọ ọ́ sí, kí àpapọ̀ tó di 16 lè hàn. Bó bá jẹ́ táàsì ni wọ́n rí, tí kò sí nọ́ọ̀sì kankan nínú rẹ̀, ìwé yìí tún wá ṣe pàtàkì ju tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí ìyá ìyàwó tó tẹ̀ lé e kò lè mọ orúkọ oògùn náà.

Ìwé kò lè pèsè ibùsùn, a mọ̀. Kí wọ́n pe Ìbàdàn lórí fóònù kí ọkọ̀ tó ṣí, kí wọ́n sì kọ orúkọ ẹni tó dáhùn sílẹ̀. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 kọ̀ fún ilé ìwòsàn èyíkéyìí láti lé aláìsàn pàjáwìrì padà: owó ìtanràn ọ̀kẹ́ márùn-ún náírà tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù 6 lọ wà fún un. Ìwé tí ìlà rẹ̀ àkọ́kọ́ sọ pé gìrì ni, tó sì sọ aago rẹ̀, kò fi àyè sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti sọ pé òun kò mọ̀ pé pàjáwìrì ni.

A ń ké sí ìjọba ìbílẹ̀ Kájọlà àti àwọn tó ń bójú tó ilé ìwòsàn ìjọba ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ pé kí wọ́n tẹ ìwé yìí jáde ní méjì-méjì pẹ̀lú kábọ́ọ̀nù, kí àlàfo fún oògùn, ìwọ̀n àti aago wà lókè rẹ̀, kí ẹ̀dà kan sì kù ní Òkèhò. Bí ọkọ̀ bá ti lọ, kí mátírọ́ọ̀nù tó wà lẹ́nu iṣẹ́ yẹ ẹ̀dà náà wò lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá rí aago abẹ́rẹ́ níbẹ̀, kí ó pe inú ọkọ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé kí wọ́n tó kọjá Ìsẹ́yìn.