Ẹ̀jẹ̀ Ni, Kì í Ṣe Ìdọ̀tí Inú

Sí gbogbo ọmọ Yorùbá tó ń gbé Woolwich, Thamesmead, Plumstead àti Abbey Wood.

Ìgbàgbọ́ kan wà láàárín wa tó lè ránni lọ sọ́run. Òun ni pé bí èèyàn bá mu àgbo jẹ̀díjẹ̀dí, tó wá ń ṣu ìgbẹ́ dúdú, ìdọ̀tí tó ti pẹ́ nínú ló ń jáde. Wọ́n á ní, "Ẹ jẹ́ kó máa jáde, oògùn ti ń ṣiṣẹ́ nìyẹn." Irọ́ ni. Ìgbẹ́ tó dúdú bí ọ̀dà tí wọ́n ń dà sí títì, tó ń dán, tó ń lẹ̀ mọ́ àwo ìgbọ̀nsẹ̀, tí òórùn rẹ̀ ò jọ ti ìgbẹ́ ojoojúmọ́, ẹ̀jẹ̀ ni kí ẹ kà á sí títí dókítà yóò fi sọ pé kì í ṣe òun.

Ẹ gbọ́ bó ṣe ń dúdú. Ọgbẹ́ inú lè jẹ wọnú títí yóò fi kan iṣan ẹ̀jẹ̀ nínú àpò oúnjẹ tàbí ní ìbẹ̀rẹ̀ ìfun. Ẹ̀jẹ̀ á wá máa dà sínú omi kíkan tó ń lọ oúnjẹ. Omi kíkan yẹn àti àwọn kòkòrò inú ìfun ló ń pa àwọ̀ pupa rẹ̀ dà, tó fi jẹ́ pé dúdú ló ń bá ìsàlẹ̀ jáde. Bó bá bá ẹnu jáde, ó lè pupa, ó sì lè jọ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí. Ẹ̀jẹ̀ bíi 50 sí 100 mìlílítà, tí kò tó ife tíì kan, ti tó láti sọ ìgbẹ́ di dúdú.

Àwọn tó ń gbèjà ìgbàgbọ́ yìí á bi wá pé, "Bó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀, kí ló dé tí inú rẹ̀ fi ń ṣí dáadáa bí ìgbà tí oògùn fọ̀ ọ́?" Ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ ń ti ìfun. Bó bá ti pọ̀ níbẹ̀, á máa lé ìgbẹ́ jáde kíákíá, ìgbẹ́ náà á sì rọ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà púpọ̀, èèyàn lè máa ṣu léraléra. Ohun tí wọ́n fi ń yin àgbo gan-an lè jẹ́ àmì pé ẹ̀jẹ̀ ò tíì dá.

Wọ́n á tún ní, "Inú ò kúkú dùn ún, kò lè jẹ́ ọgbẹ́ inú." Èyí léwu ju ti àkọ́kọ́ lọ. Oògùn ara ríro bí ibupurofẹ́nì, dikilofẹ́nàkì àti asipirínì máa ń dá ọgbẹ́ sínú àgbàlagbà láìjẹ́ pé ó mọ̀ ọ́n lára. Ìgbẹ́ dúdú lè jẹ́ àmì àkọ́kọ́ tó máa rí. Pé inú ò dunni kò ní kí ẹ̀jẹ̀ má dà.

Ẹ jẹ́ ká mú obìnrin kan ní àpẹẹrẹ, ẹni ọdún 58 ní Thamesmead, tó ń tọ́jú àwọn arúgbó lóru. Orúnkún ń ro ó, ó ń lo ibupurofẹ́nì méjì lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Bí orí bá tún fọ́ ọ, á da Alábùkún sẹ́nu. Lọ́jọ́ Ajé, ó ṣu dúdú, ó mu àgbo. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó ṣu lẹ́ẹ̀mẹrin, inú rẹ̀ dùn pé inú òun ń mọ́. Lálẹ́, bó ṣe dìde lórí àga, òòyì kọ́ ọ, àyà rẹ̀ ń lù kìkì, òógùn tútù bò ó. Ó ní iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́rùn òun. Ó jáde lọ wọ bọ́ọ̀sì, ó sì ṣubú ní ibùdókọ̀.

Ara rẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀ láti ìgbà òòyì yẹn. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dín kù, ọkàn á máa sáré kí ìwọ̀nba tó kù lè dé ọpọlọ. Ìfúnpá lè má tíì já wálẹ̀ nígbà yẹn. Kódà, bí wọ́n bá yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní wákàtí àkọ́kọ́, ó lè dà bí ẹni pé ó pé, nítorí omi ara ò tíì là á. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń dẹ̀rọ̀ ìlù ọkàn, irú bíi bisopirolọ́lù, ọkàn rẹ̀ lè má sáré rárá. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ má fi àyà tí kò já ṣe ẹ̀rí pé kò séwu.

Nípa Alábùkún, a mọ̀ pé ọmọ wa ló ṣe é. Jacob Sogboyega Odulate ló gbé e jáde ní Abẹ́òkúta ní 1918. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú rẹ̀ ni asipirínì 760 mìlígíráàmù àti kafiínì díẹ̀. Èyí tí dókítà ń fún ẹni tó ní àrùn ọkàn lóòjọ́ níbí jẹ́ 75. Ẹyọ Alábùkún kan ju mẹ́wàá irú rẹ̀ lọ, ẹni tó bá sì pa á pọ̀ mọ́ ibupurofẹ́nì ti fi iná kún iná. Ìdí mìíràn tí ọgbẹ́ inú fi pọ̀ ni kòkòrò Helikobákítà, tí ọ̀pọ̀ wa ti kó nílé láti kékeré. Barry Marshall àti Robin Warren gba ẹ̀bùn Nobel ní 2005 nítorí àwárí rẹ̀. Oògùn apakòkòrò méjì àti oògùn tó ń dín omi kíkan kù, fún ọjọ́ 7, ló sábà ń pa á.

A gbà pé kì í ṣe gbogbo ìgbẹ́ dúdú ni ẹ̀jẹ̀. Oògùn tó ń fún ẹ̀jẹ̀ ní irin máa ń sọ ìgbẹ́ di dúdú tó fẹ́ jọ ewé, ṣùgbọ́n kì í sábà lẹ̀ bí ọ̀dà. Bí ara yín bá le, tí irin nìkan ni ẹ ń lò, ẹ pe 111. Bó bá ń lẹ̀, bí òòyì bá ń kọ́ yín, tàbí bí ẹ bá bì ẹ̀jẹ̀, 999 ni.

Ilé ìwòsàn Queen Elizabeth wà ní Stadium Road ní Woolwich, ẹ̀ka pàjáwìrì rẹ̀ kì í tì tọ̀sán tòru. Ẹ má gba Queen Mary's ní Sidcup lọ: wọ́n ti pa ẹ̀ka pàjáwìrì rẹ̀ dé láti 2010. Ẹni tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ ò tíì tọ́ kò ní san owó fún ìtọ́jú nínú ẹ̀ka pàjáwìrì. Bí wọ́n bá dá a dúró sí wọ́ọ̀dù, owó lè wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n wọn ò gbọ́dọ̀ fi ìtọ́jú tí ẹ̀mí rẹ̀ dúró lé falẹ̀ nítorí pé kò ní owó lọ́wọ́.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n á fi omi tàbí ẹ̀jẹ̀ sí aláìsàn lára. Lẹ́yìn náà, láàárín wákàtí 24, wọ́n á ti okùn tó ní kámẹ́rà lórí gba ọ̀nà ọ̀fun wọ inú. Bí iṣan náà bá ṣì ń ṣẹ̀jẹ̀, wọ́n á fún un lábẹ́rẹ́, wọ́n á sì fi irin kékeré há a tàbí kí wọ́n jó o pa. Kò sí àgbo, mílíìkì tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú tó lè dé ibẹ̀ há iṣan. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe ní àwọn ilé ìwòsàn ilẹ̀ Bìrìtéènì ní 2007, nǹkan bí 7 nínú 100 àwọn tí irú ẹ̀jẹ̀ yìí gbé wá láti ilé ló kú, àwọn tó tètè dé àti àwọn tó pẹ́ pọ̀.

Nítorí náà, ẹ má wakọ̀ lọ fúnra yín, ẹ má sì jẹ tàbí mu ohunkóhun kí inú lè ṣófo fún kámẹ́rà. Ẹ kó gbogbo oògùn dání, àti àgbo, àti Alábùkún. Bí èdè bá há yín, ẹ sọ fún 999 pé Yorùbá ni ẹ gbọ́, wọ́n á wá ògbufọ̀. Ẹ má sì sọ pé "mò ń ṣu ṣáá", torí ẹni tó ń ṣu lásán lè jókòó títí. Ẹ sọ pé, "Ìgbẹ́ mi dúdú, ó ń lẹ̀ bí ọ̀dà, òòyì sì ń kọ́ mi."